Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Lórí Owó Ìtanràn Nígbà Tó Jẹ́ Pé Orí Bẹ́ẹ̀dì Ọsibítù Ni Ọjọ́ Ti Kọjá

Obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú mú lẹ́tà kan wá bá mi ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2026, pé kí n bá òun wò ó kí òun tó gbé e lọ sí ọ́fíìsì owó orí ní Òkè-Mósàn, láti bẹ̀bẹ̀ lórí owó ìtanràn tí wọ́n kọ sí òun lọ́rùn torí fọ́ọ̀mù owó orí òun tó pẹ́. Ojú-ewé mẹ́ta ni lẹ́tà náà, ọmọ rẹ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́. Bí inú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, bí wọ́n ṣe gbé e dìde lóru àti bí owó ṣe tán lọ́wọ́ ẹbí gba ojú-ewé méjì àbọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, mo bi í pé, "Ìyá, ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n dá yín dúró sí ọsibítù, ọjọ́ wo ni wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ sílé?" Ó dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú ọjọ́ méjèèjì nínú lẹ́tà rẹ̀.

Ohun tó ń ba irú lẹ́tà yìí jẹ́ jù lọ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ owó orí tí yóò kà á kì í sábà jiyàn pé ara yín kò yá. Bí ìwé dókítà bá ti wà níwájú rẹ̀, ó ti gbà. Ohun tí yóò máa wá ni àwọn ọjọ́ tí ẹ kò sí ní ọsibítù tí ẹ kò sì tíì fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, torí pé ibẹ̀ nìkan ló ti lè sọ pé ẹ̀bi yín ni. Nítorí náà, ọjọ́ ni kí lẹ́tà yín kà fún un, kí ó má fi bẹ́ẹ̀ ròyìn àìsàn.

Ohun tí òfin sọ, ní ṣókí

Ẹni tó ń ṣòwò ti ara rẹ̀ tó sì ń gbé ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ àjọ tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń fi fọ́ọ̀mù owó orí ọdọọdún rẹ̀ sí, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta sì ni òfin fún un mọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 tí òfin tuntun lórí ìṣàkóso owó orí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ìtanràn ẹni tó bá pẹ́ kó tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún tẹ̀ lé e. Ìyá aládìrẹ yìí fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Wọ́n ka oṣù Kẹrin sí oṣù àkọ́kọ́, wọ́n ka oṣù Karùn-ún mọ́ ọn, wọ́n sì kọ ₦150,000 sí i lọ́rùn. Ìwé ìtanràn náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún.

Ẹ̀bẹ̀ ni ìdáríjì owó yìí, ọwọ́ àjọ náà ló wà, a kì í fi agbára gbà á. Ohun méjì ló yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé rárá: kí fọ́ọ̀mù tó pẹ́ náà ti wọlé, kí ẹ sì ti san owó orí tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lórí ìtanràn nígbà tí gbèsè fúnra rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, wọn yóò ní kó lọ san ìyẹn ná. Ẹ tún yẹ ìwé ìtanràn náà wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, torí pé ìtanràn fọ́ọ̀mù tó pẹ́ yàtọ̀ sí èlé àti ìtanràn owó tó pẹ́. Bí ìlà méjèèjì bá wà níbẹ̀, ẹ dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀ nínú lẹ́tà, torí ohun tí ẹ kò bá dárúkọ, wọn kò ní gbà pé ẹ bẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀. Ti ìyá yìí, ìlà kan ṣoṣo ni.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ to àwọn ọjọ́ náà sójú ìwé

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kankan, ẹ mú bébà òfìfo kan, kí ẹ kọ ọjọ́ márùn-ún sí i ní ìsàlẹ̀ ara wọn: ọjọ́ tí ẹ wọ ọsibítù, ọjọ́ tí òfin fún yín mọ, ọjọ́ tí ẹ jáde, ọjọ́ tí ìsinmi tí dókítà ní kí ẹ lọ gbà nílé parí, àti ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ti ìyá aládìrẹ rèé bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹta, ni wọ́n dá a dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 oṣù Kẹta, ni gbèdéke òfin. Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kẹrin, ni wọ́n ní kó máa lọ sílé lẹ́yìn tó ti sun òru méjìlélógún níbẹ̀. Dókítà ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ìyẹn sì parí ní ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Karùn-ún, ló fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni bóyá ọjọ́ gbèdéke bọ́ sáàárín ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde. Tirẹ̀ bọ́ síbẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ni wọ́n dá a dúró ni, gbèdéke ti kọjá kí àìsàn tó dé, ọ̀rọ̀ ọsibítù kò sì lè gbà á lọ́wọ́ ₦100,000 àkọ́kọ́. Ohun tó kù tó lè bẹ̀bẹ̀ lé lórí nígbà náà ni oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn èèyàn ní gbangba, torí lẹ́tà tó bá gbìyànjú láti fi àìsàn oṣù Kẹrin bo ìjáfara oṣù Kẹta máa ń mú kí òṣìṣẹ́ ṣiyèméjì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀.

Ní ti oṣù Kìíní títí dé ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, ẹ má ṣe tọrọ àforíjì lórí wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni láti dúró títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn tí òfin fún yín, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí kò fi tètè ṣe é ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jáfara.

Àlàfo tó kù, tó sì jẹ́ pé inú rẹ̀ ni lẹ́tà yóò ti rọ̀ tàbí kó le, ni láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Lójú ẹni tó bá kà á lásán, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá náà fi jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á. Ọjọ́ 28, 29 àti 30 jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ sì ni. Ọjọ́ 2 àti 3 jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín ìsinmi rẹ̀ àti ọjọ́ tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Kí ló wá ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn? Ó ní òun lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ owó òun ní báńkì. Mo ní kó mú un wá. Nígbà tó nà án sí mi, mo tọ́ka sí igun òkè rẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí báńkì ti tẹ ọjọ́ tí wọ́n fà á jáde sí: 29 oṣù Kẹrin. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tó kó wá, nọ́ńbà kékeré yẹn ló ṣe é láǹfààní jù lẹ́yìn ìwé dókítà, torí ó fi hàn pé ọjọ́ kejì tí ìsinmi rẹ̀ parí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fọ́ọ̀mù náà.

Ìbéèrè kan tún wà tí òṣìṣẹ́ yóò bi ara rẹ̀: ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè bá a ṣe é ni? Òótọ́ ni kí ẹ fi dáhùn. Ìyá yìí fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwé ọjà rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan tó ń tì mọ́ inú àpótí ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó mọ ìṣirò ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbólóhùn kan ti tó fún ìyẹn. Ẹni tó bá ní oníṣirò owó tó ń bá a ṣe é lọ́dọọdún kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Yóò ní láti sọ ohun tí oníṣirò náà ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ tí àìsàn kò jẹ́ kó rí gbà, bí ìbuwọ́lùwé tàbí àwọn rìsíìtì, yóò sì dára kí oníṣirò náà kọ ìlà díẹ̀ láti jẹ́rìí sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn ìwé ọsibítù

Ìwé tí wọ́n fi dá yín sílẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ní ju ọjọ́ àti orúkọ oògùn lọ. Ẹ padà lọ bẹ dókítà tó tọ́jú yín pé kó kọ ìwé ẹ̀rí fún yín lórí bébà tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ọsibítù lókè, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé, orúkọ rẹ̀ àti òǹtẹ̀. Ọsibítù mìíràn ń gba owó lórí rẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó jáde, nítorí náà ọjọ́ tí ìwé ìtanràn bá dé ni kí ẹ ti lọ bèèrè. Ohun mẹ́ta ni ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ: ọjọ́ tí ẹ wọlé, ọjọ́ tí ẹ jáde, àti pé ara yín kò ní lè gba iṣẹ́ títí di ọjọ́ báyìí lẹ́yìn tí ẹ jáde. Ẹ̀kẹta ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé bèèrè, bẹ́ẹ̀ láìsí i, ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá aládìrẹ fi sinmi nílé ì bá di àlàfo ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Orúkọ àìsàn yín kò pọn dandan. Ẹ lè sọ fún dókítà pé ẹ kò fẹ́ kó wà nínú ìwé tí yóò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kó kàn kọ pé wọ́n dá yín dúró fún ìtọ́jú àti iṣẹ́ abẹ. Ọwọ́ púpọ̀ ni lẹ́tà yín yóò gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pàṣẹ, n kò sì rí ìdí tí gbogbo wọn yóò fi mọ ohun tó ṣe ara yín.

Bí ìwé náà bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ kà á níbẹ̀, kí ẹ tó kúrò lórí àga. Ìwé ẹ̀rí ìyá yìí sọ pé ó jáde ní "ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin". Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló fo nọ́ńbà 1 tó yẹ kó ṣáájú. Ọjọ́ mẹ́wàá ni àṣìṣe kékeré yẹn ì bá já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, rìsíìtì owó bẹ́ẹ̀dì tó ka òru méjìlélógún ì bá sì máa ta ko ìwé dókítà nínú fáìlì kan náà. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi bírò kọ 1 sí i níwájú. Mo ní kó má dán an wò. Ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ tún ṣe láìsí ìbuwọ́lùwé dókítà kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, ó lè di ẹjọ́. Ó gbé e padà, wọ́n wo àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì tẹ òmíràn fún un.

Ẹ tún yẹ orúkọ tó wà lórí àwọn ìwé náà wò. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí káàdì ọsibítù, orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì fi ń san owó orí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ọjà. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, èèyàn méjì nìyẹn. Ó lọ búra ní kọ́ọ̀tù ní Ìsábọ̀ pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, ó sì fi ìwé ìbúra náà mọ́ àwọn ìwé yòókù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lẹ́tà fúnra rẹ̀

Ojú-ewé kan ni, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ ń bèèrè ni kó ṣáájú, àwọn ọjọ́ ni kó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kí ẹ to àwọn ìwé tí ẹ fi mọ́ ọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́fíìsì náà fi ń ṣiṣẹ́, ẹ ó sì ní láti ní ẹni tí yóò tú u, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú ẹni tó ni ín, kí ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kí ó sì lè dáhùn bí wọ́n bá pè é bi í. Èyí ni a kọ:

Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ọdún 2026

Sí Alága,
Àjọ Tó Ń Gba Owó Orí fún Ìpínlẹ̀ Ògùn,
Òkè-Mósàn, Abẹ́òkúta.

Alàgbà,

Ẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì ₦150,000, owó ìtanràn lórí fọ́ọ̀mù owó orí ọdún 2025 tó pẹ́ (nọ́ńbà ìwé ìtanràn: …, nọ́ńbà owó orí mi: …)

Mo ń fi ọ̀wọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí àjọ yín dárí owó ìtanràn tí mo dárúkọ lókè yìí jì mí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé yín tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún. N kò jiyàn pé fọ́ọ̀mù náà pẹ́. Ohun tó fà á ni pé mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tí òfin fún wa mọ.

Wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n sì dá mi sílẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin. Dókítà ní kí n má ṣiṣẹ́ kankan títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin. Èmi nìkan ni mo ń kọ ìwé ọjà mi, kò sì sí ẹni tó lè bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀ ní àkókò yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, mo gba àkọsílẹ̀ owó mi ní báńkì. Lẹ́yìn ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀, mo fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, tó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́, mo sì san gbogbo owó orí tó wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Mo fi fọ́ọ̀mù àwọn ọdún 2023 àti 2024 sílẹ̀ kí ọjọ́ wọn tó pé.

Àwọn ìwé tí mo fi mọ́ lẹ́tà yìí ni: ẹ̀dà ìwé ìtanràn, ìwé ẹ̀rí dókítà, rìsíìtì owó bẹ́ẹ̀dì, ìwé ìbúra lórí orúkọ mi, ojú-ewé àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ báńkì, ẹ̀rí pé fọ́ọ̀mù wọlé, àti rìsíìtì owó orí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
(ìbuwọ́lùwé, orúkọ, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù)

Ìlà tó sọ nípa ọdún 2023 àti 2024 kéré, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fò ó bó bá jẹ́ òótọ́. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí fáìlì yín wà níwájú wọn. Ìyá náà béèrè bóyá kí òun fi kún un pé bí wọn kò bá lè dárí gbogbo rẹ̀ jì òun, kí wọ́n yọ ₦50,000 oṣù Karùn-ún. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí a bá ti fi ọ̀nà tó rọrùn hàn, ibẹ̀ ni yóò gbà, ẹ̀bẹ̀ kékeré yẹn sì ṣì ń bẹ nílẹ̀ fún lẹ́tà kejì bí wọ́n bá kọ ti àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fífi í sílẹ̀, àti ọgbọ̀n ọjọ́

Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan fún wọn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sórí èkejì kí ẹ mú un padà. Fótókọ́pì àwọn ìwé ọsibítù ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kàn mú ojúlówó wọn dání bóyá wọn yóò fẹ́ rí i.

Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú. Bí ẹ bá gbà pé ìtanràn náà tọ̀nà tí ẹ sì ń bẹ̀bẹ̀, lẹ́tà òkè yìí ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé wọ́n ka oṣù ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí pé fọ́ọ̀mù yín wọlé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ, àtakò nìyẹn, ọgbọ̀n ọjọ́ láti ọjọ́ tí ìwé tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni òfin fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kì í dá ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn dúró. Mo ti rí ọkùnrin kan tó kọ ẹ̀bẹ̀ sí ọ́fíìsì kan tó sì ń retí èsì, tó jẹ́ pé ìgbà tí èsì "a kò gbà" fi dé, ọjọ́ tó fi lè sọ pé ìṣirò wọn kò péye ti kọjá. Ti ìyá aládìrẹ, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ni ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀ pé. A yẹ ìṣirò oṣù méjèèjì wò, a rí i pé ó tọ̀nà, ẹ̀bẹ̀ nìkan la sì kọ. Bí ẹ bá ní méjèèjì, lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ, torí ẹni tó ń sọ nínú ìwé kan pé "n kò jẹbi" àti pé "ẹ dárí jì mí" kì í mọ èyí tí wọn yóò dá a lóhùn lé lórí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ pẹ̀lú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, kí ẹ béèrè ibi tí fáìlì dé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹnu sọ fún yín pé wọ́n ti dárí rẹ̀ jì yín, ẹ fi sùúrù bèèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Títí ìwé náà yóò fi jáde, ₦150,000 ṣì wà lórí orúkọ yín nínú àkọsílẹ̀ wọn, ibẹ̀ ni yóò sì ti jáde sí yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti san owó orí. Nígbà tí wọ́n pe ìyá náà wọlé ní oṣù Kẹfà, kò sí ẹni tó bi í léèrè irú àìsàn tó ṣe é. Òṣìṣẹ́ náà ṣí fáìlì, ó fi ìka sórí ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, ó ní, "Ìyá, láti ibí yìí sí ọjọ́ kẹrin, kí lẹ ń ṣe?" Ìyá náà na ìwé báńkì sí i.